Ta Ni Yóò San Án Padà? Ọ̀rọ̀-Ìṣe 'Yá' àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ Méjì Tí Ó Tako Ara Wọn

Kí a gbà pé obìnrin kan ń ta tòmátì ní Ọjọ́ta, Máìlì 12 ni ó sì ti ń ra ọjà rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé: 'Mo yá owó fún Ìyá Bọ́lá, náírà 20,000.' Bí obìnrin náà bá rin ìrìn àjò, tí ọmọ rẹ̀ sì ṣí ìwé náà, kí ni yóò rí kà níbẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ mú owó ara rẹ̀ fún Ìyá Bọ́lá. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni ó lọ gba owó náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí Ìyá Bọ́lá. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, òun ni wọ́n jẹ ní gbèsè. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, òun gan-an ni ó jẹ gbèsè.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì. Gẹ̀ẹ́sì ní kílíìfù, tí ó ń tọ́ka sí kí a la nǹkan sí méjì, tí ó tún ń tọ́ka sí kí nǹkan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kí ìró wọn tó di ọ̀kan. Àwọn kan lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni 'yá' ṣe rí, pé 'yá' kan wà fún ẹni tí ó gba owó, òmíràn sì wà fún ẹni tí ó fi owó sílẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni 'yá' ń sọ nípa rẹ̀: ohun kan kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ó sì dá a padà. Ìhun gbólóhùn ni ó ń sọ ọ̀nà tí ohun náà gbà.

Bí ènìyàn bá jẹ́ àbọ̀ tí ó tẹ̀lé 'yá' tààrà, ọ̀dọ̀ olùwà ni ohun náà ti kúrò: 'Adé yá Òjó lówó.' Òjó ni yóò san án. Bí ohun náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ àbọ̀, tí 'lọ́wọ́' sì tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ olùwà ni ó ń bọ̀: 'Adé yá owó lọ́wọ́ Òjó.' Adé ni yóò san án. Bí a bá sì wí pé 'Adé yá owó' lásán, Adé náà ni a ó kà sí ajigbèsè.

Ẹ̀rí pé èyí kì í ṣe èèṣì wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe 'kọ́'. Ẹni tí ó kọ́ Yorùbá ń gba ìmọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní Yorùbá ń fi ìmọ̀ fúnni. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ́nilẹ́kọ̀ọ́ fi jáde láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà. 'Ni' tí ó dúró fún ènìyàn ni ó yí ọ̀nà padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ya ayánilówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayáwó.

Ṣùgbọ́n ìhun yìí lè fọ́ lójú ìwé bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ wo 'Mo ya won lowo Iya Bola.' Bí ó bá jẹ́ 'lọ́wọ́', àwọn apẹ̀rẹ̀ kan ni olùsọ̀rọ̀ gbà lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́lá. Bí ó bá jẹ́ 'lówó', owó Ìyá Bọ́lá ni ó fún àwọn kan! Àmì ohùn nìkan kò lè gba ènìyàn níbí, nítorí ohùn òkè méjì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní. Àmì tí ó wà lábẹ́ fáwẹ̀lì ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbàgbé àmì yìí ti yí ajigbèsè padà.

Ní ti 'yá owó fún', kíkọ tí ó péye pàápàá kò tó, nítorí 'fún' lè tọ́ka sí ẹni tí owó náà lọ bá tàbí ẹni tí a torí rẹ̀ gbà á. Àyíká ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù. Bí ìlà tí ó tẹ̀lé e nínú ìwé obìnrin náà bá jẹ́ 'Ó ti dá 5,000 padà', Ìyá Bọ́lá ni ajigbèsè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 'Mo ti san 5,000 fún olówó', òun ni ó wà nínú gbèsè.

Kò yẹ, nígbà náà, kí olùkọ́ kọ 'yá' sójú pátákó ní òun nìkan, kí ó sì fún un ní ìtumọ̀ kan tàbí ìdàkejì kan. Inú odindi gbólóhùn ni kí ó ti kọ́ ọ, kí ó sì bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni yóò san án padà? Bí ọmọ kò bá rí ìdáhùn nínú gbólóhùn náà, kí olùkọ́ má ṣe sọ pé ó kùnà. Kí ó ní kí ó ka gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e.