Ìṣasùn Ọbẹ̀ Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí fún Kápúsù

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń polówó oògùn ìbílẹ̀ nínú ọkọ̀ àti létí ọjà, láti Ìkìrun dé Ìnísà títí kan Òkukù, kì í fi ṣeré: "Oúnjẹ lásán ni." Wọ́n á ní aáyù, atalẹ̀ àti ewúro ni àwọn rọ sínú kápúsù, ta ni kò sì jẹ wọ́n rí? Bí ìyá àgbà bá ti ń jẹ ọbẹ̀ ewúro láti ìgbà èwe rẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, kí ni kápúsù méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ yóò wá ṣe ẹnikẹ́ni? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ń ta ọjà. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe òótọ́. Ohun tó wà nínú ìṣasùn àti ohun tó wà nínú kápúsù ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹni tó bá sì fi ìwà rere èkíní jẹ́rìí èkejì ń rẹ́ aráàlú jẹ ni.

Ewúro ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò sí ilé ìdáná kan ní Òkukù tí wọ́n ti ń já ewúro lórí igi kí wọ́n sì dà á sínú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ́ ọ pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da omi aláwọ̀ ewé náà nù, wọ́n á tún bọ́ ọ títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi dínkù tí ìkorò rẹ̀ yóò sì ṣeé gbà. Ọ̀pọ̀ a tún bọ̀ ọ́ lórí iná kó tó di ọbẹ̀. Àwọn ohun tó ń fún ewúro ní ìkorò àti ìfófòó náà ni agbára oògùn rẹ̀ wà nínú wọn, inú wọn náà sì ni oró rẹ̀ wà. Nígbà tí ìyá bá ń da omi fífọ̀ yẹn nù, ìwọ̀n ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ahọ́n ni òṣùwọ̀n rẹ̀: bí ọbẹ̀ bá korò jù, kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́ dé ibi tí yóò ti pa á lára.

Àwọn ẹranko pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, nínú igbó Mahale ní orílẹ̀-èdè Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó mọ ewé dáadáa, rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ìnàkí náà lọ sídìí ewúro. Kò jẹ ewé rẹ̀. Ó bó èèpo àti ewé kúrò lára ọ̀dọ́ ẹ̀ka, ó jẹ inú igi náà lẹ́nu, ó fa omi rẹ̀ mu, ó sì tu ìhá rẹ̀ dànù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ewúro náà wò, wọ́n rí i pé inú ewé àti èèpo tí ẹranko yẹn sọ nù ni èyí tó burú jù nínú àwọn oró rẹ̀ pọ̀ sí. Kápúsù ewúro, ní tirẹ̀, ewé yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn kì í fọ̀ ọ́ bí ìyá ṣe ń fọ̀ ọ́, nítorí ohun tí ìyá ń dà nù ni oníkápúsù ń wá. Ike kápúsù sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ahọ́n: ìkorò tó yẹ kó kìlọ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti kọjá lọ́nà ọ̀fun láìfọhùn.

Ọ̀rọ̀ atalẹ̀ gba ìṣirò díẹ̀. Lára páálí àwọn kápúsù mìíràn ni a ti ń rí "10:1". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kílò mẹ́wàá ewé tàbí gbòǹgbò gbígbẹ ni wọ́n rẹ, tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gbẹ títí ó fi ku kílò kan. Bí kápúsù kan bá gba mílígíráàmù 500 irú oje kíkì bẹ́ẹ̀, gíráàmù 5 atalẹ̀ gbígbẹ ló dúró fún. Omi ló sì pọ̀ jù lára atalẹ̀ tútù, ó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún; nítorí náà kápúsù kan ṣoṣo yẹn dúró fún nǹkan bíi gíráàmù 25 atalẹ̀ tútù. Ẹni tó bá lo méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ ti lo ìwọ̀n tó wá láti ara gíráàmù 100. Ẹ wá wo ìṣasùn: ègé atalẹ̀ bí orí àtàǹpàkò ni ìyá ń gún mọ́ ata, ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì máa jẹ ẹran náà. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi atalẹ̀ tọ́jú èébì aláboyún, nǹkan bíi gíráàmù kan ìyẹ̀fun atalẹ̀ gbígbẹ lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Oníkápúsù mẹ́rin lóòjọ́ ti kó ohun tó wá láti ara ogún irú rẹ̀ jọ, ó sì tún ń sọ pé oúnjẹ lòun ń jẹ.

Àwọn tó ń gbèjà kápúsù ní èsì kan, èsì náà kò sì ṣeé gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kápúsù ló ní ìwọ̀n, ìfojúbù ni ti ìṣasùn. Òótọ́ ni pé a kọ nọ́ńbà sára páálí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ń sọ bí oje náà ṣe wúwo tó ni, kò sọ bí ó ṣe lágbára tó. Oje tí a fi omi gbígbóná rẹ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọtí líle rẹ, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ "10:1". Ewúro ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà sì lè má rí bíi ti ìgbà òjò. Bákan náà, nọ́ńbà NAFDAC tí olùpolówó ń nawọ́ sí kò jẹ́rìí ohun tí ó ń sọ. Èyí tó ní "L" nígbẹ̀yìn fi hàn pé àjọ náà kan kọ oògùn ìbílẹ̀ náà sínú ìwé ni, òfin sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń wò wò. Lẹ́tà kóńkóló ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ìyẹn; kì í ṣe òun ni wọ́n máa ń kà jáde nínú ọkọ̀.

Ohun tó burú jù ni ìgbà tí kápúsù bá pàdé oògùn ilé ìwòsàn nínú ara kan náà. Àpẹẹrẹ aáyù ṣe kedere. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án tí ara wọn le ní sakuínáfì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n fi ń kápá kòkòrò àrùn éèdì, wọ́n sì wọn bí ó ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní oníhóró aáyù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọ̀n, àpapọ̀ oògùn náà ti fi ìdá 51 nínú 100 dínkù. Wọ́n dá aáyù dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, síbẹ̀ oògùn náà kò padà kọjá ìdá 60 sí 70 nínú 100 ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2002. Ká ní aláìsàn ni àwọn mẹ́sàn-án yẹn, wọn ì bá máa lo oògùn wọn déédéé, kí ìdajì rẹ̀ sì máa pòórá láìsí ìrora kan tí yóò ta wọ́n lólobó.

Èyí kò wá sọ ìṣasùn di mímọ́. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà kọ̀wé nípa bàbá ẹni ọdún 87 kan tí ẹ̀jẹ̀ ya sí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ ọ́, láìṣubú, láìfarapa. Ohun tí wọ́n rí dì mú ni bí ẹyọ aáyù mẹ́rin tó ń jẹ lójoojúmọ́, nítorí aáyù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Àṣejù, baba ẹ̀tẹ́ ni, nínú abọ́ àti nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: ẹni tó ń jẹ ẹyọ aáyù mẹ́rin lóòjọ́ mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Iná ìdáná náà ń dín agbára aáyù kù, nítorí ohun tó lágbára jù nínú rẹ̀ kì í jáde àfi bí a bá gún un tàbí gé e, ooru sì tètè ń dá a dúró. Oníkápúsù kò ní òórùn, kò ní iná, kò sì ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ fojú inú wo alátọ̀gbẹ kan ní Ìnísà, tó ń lo oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe, omi ewúro náà a máa mú ṣúgà wálẹ̀. Bó bá jẹ ọbẹ̀ ewúro, iyán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá gbé kápúsù mì láàárọ̀ pẹ̀lú oògùn rẹ̀ láìjẹun, pàápàá lóṣù Ràmàdáánì, nǹkan méjì ló ń fa ṣúgà sílẹ̀, kò sì sí oúnjẹ tí yóò gbé e dúró. Ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ó, àyà á máa lù kìkì, ọ̀rọ̀ á máa dàrú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé lè pè é ní ayé, wọ́n sì lè pè é ní àárẹ̀ ààwẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé omi ṣúgà ló yẹ kí wọ́n tètè fún un, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nítorí náà, kí olùtajà yéé fi ìṣasùn ìyá onìyá jẹ́rìí. Kí ó kọ ewé tó lò, bó ṣe rẹ ẹ́ àti oògùn tí kò gbọ́dọ̀ pàdé rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba má wulẹ̀ bèèrè pé, "Ẹ ò lo àgbo, àbí?", nítorí oníkápúsù yóò dáhùn pé òun kò lò ó, kò sì ní purọ́, kí ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìgò tó wà nílé wá. Ẹni tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ fi kápúsù aáyù sílẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun ti ń lò ó. Olóúnjẹ ni kó máa jẹ́ olóúnjẹ. Ẹni tó bá ń ta oògùn, kó pè é ní oògùn, kó sì gba ìbéèrè tí wọ́n ń bi olóògùn.