Àpótí Ló Ń Béèrè, Kì í Ṣe Ìmọ̀: Lórí Àwọn Ìdáhùn Àkọ́sórí Inú Krọ́síwọ́ọ̀dù

Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lè parí krọ́síwọ́ọ̀dù inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti di ọ̀jìnmì nínú èdè náà. Wọn a to àwọn ọ̀rọ̀ oníleta mẹ́ta àti mẹ́rin tó ń jẹyọ lemọ́lemọ́ sórí ìwé, wọn a sì ní kí àwọn ọmọ há wọn sórí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ kí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wà fún krọ́síwọ́ọ̀dù Yorùbá náà. Èrò méjèèjì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá wo bí a ṣe ń ṣe krọ́síwọ́ọ̀dù láti inú wá yóò rí i pé àpótí ló bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ìmọ̀ èdè.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni Arthur Wynne gbé krọ́síwọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Niu Yọ́ọ̀kì. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Amẹ́ríkà fi òfin líle de eré náà. Krọ́síwọ́ọ̀dù ojoojúmọ́ wọn jẹ́ àpótí 15 ní ìbú, 15 ní òòró, èyí tó jẹ́ àpótí 225 lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kéré sí lẹ́tà mẹ́ta. Èyí tó le jù ni pé gbogbo àpótí funfun gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkóríta: lẹ́tà tó bá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tó lọ ní ìbú àti ti ọ̀rọ̀ tó lọ ní òòró lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin ìkóríta yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń ṣe krọ́síwọ́ọ̀dù bá ti to ọ̀rọ̀ gígùn mẹ́ta sórí ara wọn, àwọn lẹ́tà wọn yóò ti pinnu ohun tó lè ṣẹ́kù lórí àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún kọ́ńsónáǹtì tó dì mọ́ ara wọn. Ohun tó lè já wọn gbà ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí fáwẹ́lì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí OREO, orúkọ bísíkíìtì kan, fi di ọ̀rẹ́ wọn, nítorí mẹ́ta nínú lẹ́tà mẹ́rin rẹ̀ ni fáwẹ́lì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ERIE, adágún odò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, àti EPEE, idà tí wọ́n fi ń díje, àti ETUI, àpò tín-ín-rín tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Kò sí ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ ra ETUI mọ́. Inú krọ́síwọ́ọ̀dù nìkan ló kù tí ó ń gbé.

Kí olùkọ́ tó bá ń jiyàn dán èyí wò. Kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há ETUI sórí, kí ó ní kí ó fi ṣe gbólóhùn méjì, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ kò ju pé bí ìtọ́ka bá mẹ́nu ba abẹ́rẹ́, tí àpótí sì jẹ́ mẹ́rin, lẹ́tà báyìí-báyìí ló wọ ibẹ̀.

Àwọn tó mọṣẹ́ náà dunjú kò fi èyí pamọ́. Láyé àtijọ́, ESNE, ìyẹn ẹrú láyé àwọn Áńgílò-Sásọ́nì, kì í jìnnà sí ojú ìwé. OREO fúnra rẹ̀ kì í ṣe bísíkíìtì nígbà náà. Wọ́n máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí ègé ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó jẹ mọ́ òkè ńlá, nítorí wọn kò fẹ́ dárúkọ ọjà. Nígbà tí Will Shortz di olóòtú krọ́síwọ́ọ̀dù ìwé ìròyìn The New York Times ní ọdún 1993, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ó fi ààyè gbà, àwọn ESNE sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Lónìí, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe krọ́síwọ́ọ̀dù máa ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú àkójọ rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́sórí wọ̀nyí ló sì máa ń gba máàkì tó kéré. Ojú tí bíríkìlà fi ń wo òkúta wẹ́wẹ́ tó fi dí àlàfo ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Àlàfo náà ni àwọn olùkọ́ wa wá ń fi kọ́ ọmọ.

Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Nínú àpótí tiwọn, nǹkan bí ìdajì lẹ́tà nìkan ló wà ní ìkóríta, nítorí náà wọn kò nílò ETUI tó bẹ́ẹ̀. Inú ìtọ́ka ni àkọ́sórí tiwọn sá pamọ́ sí. Ìtọ́ka wọn jẹ́ àlọ́: apá kan jẹ́ ìtumọ̀ gidi, apá kejì ń fi ègé lẹ́tà kọ́ ìdáhùn náà, ìgékúrú ọ̀rọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ègé wọ̀nyí. Bí ìtọ́ka bá dárúkọ atukọ̀, AB tàbí TAR ni. Bí ó bá dárúkọ odò, R ni. Òṣìṣẹ́ lè di ANT, èèrà, nítorí èèrà kì í sinmi.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀kan wò tó kàn wá. Ká ní ìtọ́ka sọ pé: ẹyẹ kan láti gúúsù Nàìjíríà, lẹ́tà mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá yóò ronú kan àkókó, yóò ronú kan odídẹrẹ́, kò ní rí i. Gúúsù ni S. Nàìjíríà ni WAN, lẹ́tà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ Nàìjíríà ń lò bí ó bá rékọjá sí ilẹ̀ mìíràn, tí ó dúró fún Nàìjíríà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayé àwọn amúnisìn. S àti WAN para pọ̀ di SWAN, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ti àwọn ará Yúróòpù, tó fara jọ pẹ́pẹ́yẹ. Gúúsù Nàìjíríà kọ́ ni ilé rẹ̀. Àlọ́ náà dùn, kò sì sí irọ́ nínú ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yanjú rẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa ẹyẹ, kò sì mọ̀ nípa Nàìjíríà ju lẹ́tà mẹ́ta lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí ó ju eré lọ. Ó ti pẹ́ tí krọ́síwọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ti ń fi IBO dáhùn bí ìtọ́ka bá béèrè ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà. Àwọn ẹ̀yà náà kì í pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Igbo ni wọ́n ń jẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó tí ahọ́n wọn kò lè gbé gb ni Ibo jẹ́. Ó pẹ́ kí IBO tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú àpótí, kì í sì í ṣe ìkórìíra ló fà á. Lẹ́tà mẹ́ta ni, fáwẹ́lì ló ṣíwájú, fáwẹ́lì ló kẹ́yìn. Ó wọ ibi tí IGBO kò wọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá há irú àkójọ bẹ́ẹ̀ sórí, orúkọ tí àpótí fẹ́ ni yóò máa pe aládùúgbò rẹ̀.

Ní ti àwọn tó fẹ́ gbé àkójọ náà wọ inú Yorùbá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, nítorí náà Igbo wọ àpótí mẹ́ta wẹ́kú, I, GB, O. Ìṣòro tó lé àwọn ará Amẹ́ríkà dé ìdí IBO kò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Tiwa wà níbòmíràn: ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, àfi n tí ó ń fi ìránmú hàn. Bí òfin Amẹ́ríkà bá de àpótí mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òòró, ohun tí ó lè jáde nìyí:

Ọ D Ẹ
K A N
Ọ N I

Ní ìbú, a ní ọdẹ, kán bí egungun ṣe ń kán, àti ọ̀nì tó ń gbé inú odò. Ní òòró, a ní ọkọ̀, dán, àti ẹni. Àpótí tó parí ìlà kejì wà lábẹ́ Ẹ, kọ́ńsónáǹtì ni a sì retí níbẹ̀. N nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀. Bí eré yìí bá gbilẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, kán, dán, tán àti pọ́n ni yóò di OREO tiwa.

Ẹ wá fi àmì ohùn sí i. Ọ àkọ́kọ́ jẹ́ ohùn àárín nínú ọdẹ àti nínú ọkọ̀, wọ́n bára mu. Ẹ bá ọdẹ àti ẹni mu. A ní ohùn òkè nínú kán àti dán. Ọ̀ ìsàlẹ̀ bá ọkọ̀ àti ọ̀nì mu. Àpótí tó kẹ́yìn ni kò gbà: ọ̀nì fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ lórí i, ẹni fẹ́ ohùn àárín. Nínú àpótí mẹ́sàn-án, ọ̀kan ṣoṣo ló kọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ṣe é yóò ní kí wọ́n yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè parí. Bí ó bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ O-K-O tó ní àmì abẹ́ lè di ọkọ tó ní ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ gbé lọ sóko, ọkọ̀ tí èèyàn wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun jù. Ní Amẹ́ríkà, E-R-E jẹ́ ìdáhùn àkọ́sórí kan tó túmọ̀ sí "kí ó tó" nínú ewì àtijọ́, ó parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, eré, èrè, ère àti erè ni. Olùkọ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta bá ọmọ jà lórí àmì ohùn yóò wá fi ìwé eré kan ṣoṣo tú gbogbo rẹ̀ ká.

Ohun tó yẹ kí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni àpótí wọn, kì í ṣe ìgékúrú wọn. Níbi tí ìdajì lẹ́tà nìkan ti jẹ́ ìkóríta, ẹni tó ń ṣe é lè mú ọ̀nì kọjá ọkọ̀ níbi Ọ̀ tí ohùn wọn ti dọ́gba, kí ì inú ọ̀nì sì dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ kankan tó ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Kò ní nílò kán tàbí dán, àmì kò ní ṣí, ìtọ́ka kan yóò sì ní ìdáhùn kan ṣoṣo.