Ẹ jẹ́ ká gé e kúrú, ká má gé e nù

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ìyá ọjà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ilẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa, ẹ̀bi ibẹ̀ sì kan àwa fúnra wa.

Ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé wa, ilé-iṣẹ́ kan yá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọjà láti ri òpó tẹlifóònù mọ́ ọn. Faransé ni ìwé tí wọ́n mú wá. Ẹsẹ keje rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì gùn ju ojú ìwé kan lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó gbọ́ Faransé kà á, wọ́n sì gé e kúrú fún ìpàdé báyìí: "Ilé-iṣẹ́ á máa sanwó fún wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí wọn ò bá san, a máa gba ilẹ̀ wa. Àwa náà ò ní dí ọ̀nà wọn. Ọdún mẹ́wàá ni." Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Baálé tẹ̀ka.

Kò sí ẹni tó fẹ́ purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó ń tajà pa àtíbàbà sójú ọ̀nà òpó. Ilé-iṣẹ́ kọ̀wé, a ò kà á sí. Àtíbàbà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí ìwé dé. Nígbà tí owó ilẹ̀ máa dé, dípò 300.000 fráǹkì, 240.000 la rí. Ariwo ta! Àwọn kan ní baálé ló jẹ 60.000 náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-iṣẹ́ ò san pé, wọ́n fẹ́ lọ fi àgádágodo ti òpó pa. Ìgbà tí a padà sídìí ìwé la rí i: bí ọ̀nà bá dí ju ọjọ́ 3 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ̀wé sí wa, 5.000 fráǹkì ni ìtanràn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó ilẹ̀. Ọjọ́ 12 ló lé. Ọ̀nà 12 lọ́nà 5.000 ni 60.000. Baálé ò jẹ nǹkan kan. Àwa tí a gé ìwé kúrú la gé ìtanràn sọnù.

Èyí tó dùn wá jù ṣì wà lẹ́yìn. Àdéhùn ọdún mẹ́wàá náà máa parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. A pe ìpàdé ní oṣù kẹsàn-án láti béèrè owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹsẹ keje ti sọ ọ́: ẹni tí kò bá fẹ́ kí àdéhùn máa bá a lọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ìwé náà sì dé, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú ìparí. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni òpin, ó sì ti kọjá. Bí àdéhùn ṣe tún ara rẹ̀ ṣe nìyẹn, ọdún mẹ́wàá mìíràn, iye owó kan náà.

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni, láàrin àwa ènìyàn. Ìwé àdéhùn kì í ṣe ọmọlúàbí. Àbọ̀ tí a bá sọ níbẹ̀, àbọ̀ ló máa jẹ́ títí, ìyókù á sì dé bá wa lọ́jọ́ tí a ò rò.

A ò ní kí a má gé e kúrú o. Bí a bá ka ojú ìwé kan ààbọ̀ tán bó ṣe wà, àwọn àgbà á ti sùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ṣe é gé dànù: "tí a dárúkọ lókè", "tí a ó máa pè ní báyìí báyìí", àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tún pè léraléra. Ohun tí kò ṣe é gé ni ta ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ló gbọ́dọ̀ ṣe, ìgbà wo ni òpin rẹ̀, àti kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. Kí ẹni tó ń gé e kọ́kọ́ ka iye "gbọ́dọ̀" tó wà nínú Faransé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà níbẹ̀, tí Yorùbá tiwa jẹ́ mẹ́ta, nǹkan ti jábọ́. Kó sì má fi "lè" rọ́pò "gbọ́dọ̀": ẹni tó lè ṣe nǹkan lè má ṣe é, ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe é ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ló léwu jù fún wa. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà ọrọọrún tí a ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la tún máa ná an: márùn-ún la kà, mẹ́rin ló kọjá. Ìwé àdéhùn yìí ò kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 30 ló fún ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní láti ọjọ́ kejì tí ìwé bá dé la ó ti máa kà. Bí ìwé bá dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ni ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ọjọ́ 2 la tó lè ṣe nǹkan. Ẹni tó bá lọ ti òpó pa ṣáájú ìgbà yẹn, òun ló da àdéhùn. Nítorí náà, kí a kọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kí a má sì sọ ọjọ́ 30 di "oṣù kan".

Bó ṣe yẹ kí a ti ka ẹsẹ keje fún ìpàdé nìyí:

1. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san 300.000 fráǹkì ṣáájú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Òpin rẹ̀ ni ọjọ́ 10 oṣù kìíní àti ọjọ́ 10 oṣù keje.
2. Bí ó bá pẹ́, ìtanràn rẹ̀ ni fráǹkì 1 lórí 100 nínú gbèsè tó kù, lóṣooṣù.
3. Bí kò bá san, ìlú lè fòpin sí àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìkìlọ̀ rán ẹni tí ilé ẹjọ́ yàn fún ìwé jíjẹ́, kó sì dúró kí ọjọ́ 30 pé. A ò ka ọjọ́ tí ìwé dé.
4. Ìlú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀nà òpó ṣí. Bí ó bá dí ju ọjọ́ 3 lọ lẹ́yìn ìwé ilé-iṣẹ́, 5.000 fráǹkì lójúmọ́ ni ìtanràn wa, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó ilẹ̀.
5. Ọdún 10 ni àdéhùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún 10 mìíràn lórí iye owó kan náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ìwé náà sì dé ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún tó kẹ́yìn.

Márùn-ún péré ni, kò gùn ju ohun tí ènìyàn lè kà kí omi tó hó lórí iná. Bí a bá kà á tán, kí a ní kí ẹnì kan tí kò gbọ́ Faransé sọ ohun tó gbọ́ fún wa, kí ẹlòmíràn sì di ìwé Faransé mú, kó máa fi wé e. Ohun tí ẹni yẹn ò bá sọ ni ohun tí a gé nù.

Kí a sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìwé Yorùbá yìí ò rọ́pò ti Faransé. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba, èyí tí baálé tẹ̀ka sí nìkan ni adájọ́ sì máa wò.

Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè ò pọ̀. Kí baálé kankan má tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ títí wọ́n á fi ka irú ìwé báyìí fún ìpàdé. Kí akọ̀wé ìlú sì kọ gbogbo ọjọ́ òpin inú rẹ̀ sára ògiri ilé ìpàdé, ti ilé-iṣẹ́ àti tiwa. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà yẹn máa tún padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ òpó lónìí ló máa kà á.