Kì í ṣe iná ló ba tírákà yín jẹ́

1/ Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Kì í ṣe NÉPÀ ló ba tírákà yín jẹ́, kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ ló bà á jẹ́. Owó ilé lèmi fi kọ́ ọgbọ́n yìí.

2/ Mo ṣe fídíò mẹ́ta fún ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè n'Íbàdàn, ₦120,000. Àdéhùn wa ni pé á sanwó tó bá ti pé ọjọ́ 14 tí mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni mo fi ránṣẹ́, dátà ọ̀rẹ́ mi ni mo lò. Alẹ́ ọjọ́ náà ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú. A ò rí iná títí di ọjọ́ 7.

3/ Ọjọ́ 7 yẹn ni mo tó ṣí tírákà. Mo kọ "ti fi ránṣẹ́", mo wá fi ọjọ́ 7 sí i, torí ọjọ́ tí mo jókòó sídìí ẹ̀ nìyẹn. Ni tírákà bá ní kí n béèrè owó lọ́jọ́ 21. Ọjọ́ 17 ló sì yẹ kí n béèrè. Ọjọ́ 20 ni ìyá yẹn máa ń parí owó sísan. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ọmọ mi, o ò tètè sọ̀rọ̀. Ó di oṣù tó ń bọ̀ o." Ẹ lọ sọ "oṣù tó ń bọ̀" fún lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ gbọ́ èsì.

4/ Ṣé iná ló ṣe mí báyìí? Rárá. Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sínú tírákà, mo sọ méjèèjì di ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó ń sọ pé "tí iná bá dé màá kọ ọ́" ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, orí ló fi ń rántí.

5/ Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Bí nǹkan bá ṣe ṣẹlẹ̀, lójú ẹsẹ̀, mo máa kọ ìlà kan sínú nóòtù fóònù tí kò nílò dátà:

```
03/03 16:20 | K07 | mo fi ránṣẹ́ | 120000
```

K07 ni nọ́ńbà iṣẹ́ náà nínú tírákà. Mi ò kì í pa ìlà rẹ́. Tí mo bá ṣì í kọ, màá kọ ìlà tuntun tó sọ pé ÀTÚNṢE.

6/ Nínú tírákà, òpó méjì ló wà fún ọjọ́: A ni "ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀", B ni "ọjọ́ tí mo kọ ọ́ síbí". Ọjọ́ owó kò gbọ́dọ̀ mọ B rárá:

```
=A2+14
```

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà tó pẹ́ jù, màá kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fi ✓ sí èyí tó ti wọlé. Lẹ́yìn náà màá kà wọ́n. Tí nóòtù bá ní ìlà 9, tí tírákà fi 8 lé e, ọ̀kan ti sọnù nìyẹn. Tó bá jẹ́ 10, mo ti kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

7/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní, "Ṣebí Google Sheets ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà." Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ti tẹ "Make available offline" nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà. Mélòó nínú yín ló ti tẹ̀ ẹ́? Tí èmi àti ẹni tó ń bá mi gé fídíò bá sì yí àpótí kan náà padà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ẹnì kan lè bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Ìlà tuntun ò bo ìlà ẹnikẹ́ni.

8/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà, tẹ́ ẹ wá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lápá Àbíján, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dá kú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Iná wà, dátà wà, ojú ìwé ò ṣí.

9/ Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ o. Tí fóònù bá kú, nóòtù náà kú, torí náà ìwé àti bírò wà nínú báàgì mi, irú ìlà kan náà ni mò ń kọ síbẹ̀. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò sì lè rí ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sókè tírákà: "Mo kọ ọ́ dé 07/03, aago 6 ìrọ̀lẹ́." Kó má lọ gba ọ̀rọ̀ àná gẹ́gẹ́ bí tòní.

10/ Ẹ lọ ṣí tírákà yín báyìí. Tó bá jẹ́ òpó ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní, ẹ wo ọjọ́ tí iná lọ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo iye iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Gbogbo wọn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà sì mọ̀.