Ìpolówó Márùn-ún, Oníbàárà Kan Náà

Ká mú ẹnì kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin Èkó máa rí ọjà òun lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, kí wọ́n sì ráńṣẹ́ sí òun lórí Wasáàpù. Ó ní ₦15,000 tó lè ná lójúmọ́. Ẹni tó ń bá a ṣe ìpolówó pín owó náà sí ọ̀wọ́ ìpolówó márùn-ún, ₦3,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kìíní ń wá àwọn tó fẹ́ràn oge, ìkejì ń wá àwọn tó ń múra ìgbéyàwó, ìkẹta ń wá àwọn tó ń rajà lórí ayélujára. Ìkẹrin ń wá àwọn tó fara jọ oníbàárà àtijọ́, ìkarùn-ún sì ń wá àwọn tó ti ráńṣẹ́ rí. Obìnrin Èkó ni gbogbo wọn, láti ẹni ọdún 25 sí 50. Ẹni tó bá wo ètò yìí á ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan ní Súrùlérè tó fẹ́ràn aṣọ, tó ń múra ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tó sì ti mọ́ lára láti máa rajà lórí fóònù. Ó wà nínú ọ̀wọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣeé ṣe kó wà nínú ìkẹrin pẹ̀lú. Orúkọ ọ̀wọ́ yàtọ̀, ẹni tí wọ́n ń wá kò yàtọ̀.

Nígbàkígbà tí àyè ìpolówó bá ṣí sílẹ̀ lórí fóònù obìnrin yìí, gbàǹjo kan máa ń wáyé kó tó ṣẹ́jú. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí. Wọ́n ń wo iye tí oníṣòwò fi lé e, wọ́n ń wo bó ṣe ṣeé ṣe tó kí obìnrin náà ṣe ohun tí oníṣòwò ń fẹ́, wọ́n sì ń wo bí ìpolówó náà ṣe dára tó lójú àwọn tó ń rí i. Bí ọ̀wọ́ mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo ni bá tọ́ sí gbàǹjo kan náà, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ ga jù lọ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Ó dà bí ìgbà tí bàálé kan rán ọmọ mẹ́ta lọ sí gbàǹjo kan, tí olùṣọ́nà sì ní ọ̀kan péré ló lè wọlé láti ilé kan. Àwọn méjì tó kù á dúró síta pẹ̀lú owó lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ni ń sọ, pé ọ̀wọ́ rẹ ń fi owó lé owó ara wọn títí iye á fi gun òkè, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àdánù náà wà níbòmíràn, ó sì le ju ìyẹn lọ.

Ọ̀wọ́ ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní àsìkò ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láàárín àsìkò yìí, ẹ̀rọ ń dán ènìyàn oríṣiríṣi wò láti mọ irú ẹni tó ń dáhùn àti ìgbà tó ń dáhùn. Kó tó lè mọ̀ ọ́n dájú, ó nílò nǹkan bí èsì 50 láàárín ọjọ́ méje. Èsì ti oníṣòwò wa ni ẹni tó ráńṣẹ́ sí i. Ká ní lópin ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀wọ́ márùn-ún yìí ná ₦84,000 nínú ₦105,000 tó yẹ kí wọ́n ná, wọ́n sì mú ènìyàn 140 wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦600 nìyẹn. Nínú 140 yìí, ọ̀wọ́ kan mú 46 wá, èkejì 40, ẹ̀kẹta 31, ẹ̀kẹrin 14, ẹ̀karùn-ún 9. Èsì tó pọ̀ tó láti kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ ti wà nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè. Síbẹ̀ ọ̀wọ́ kankan ò dé 50, torí ohun tí èyí kọ́, ìyẹn ò mọ̀ ọ́n.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ń ṣẹlẹ̀ sí yín? Ẹ ṣí Ads Manager, kí ẹ lọ sí ojú ewé àwọn ọ̀wọ́, kí ẹ wo òpó tí wọ́n kọ Delivery sí lórí. Bí ọ̀wọ́ púpọ̀ bá ń gbé Learning limited, àmì kìíní nìyẹn. Ẹ fi owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wé owó tí ẹ yàn fún un; èyí tí kò rí owó rẹ̀ ná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Audiences, ẹ mú àwùjọ tí ẹ ti fi pamọ́, méjì sí márùn-ún, kí ẹ tẹ Show audience overlap. Á sọ iye ènìyàn tí wọ́n jọ ní fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdá tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ tàn yín jẹ o: bí àwùjọ kékeré bá wọnú ńlá, ó lè jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ńlá náà, kó sì jẹ́ pé gbogbo kékeré náà ló ti wọlé tán. Pé ènìyàn kan náà wà nínú àwùjọ méjì kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀wọ́ méjèèjì ń pàdé ní gbàǹjo lójoojúmọ́, pàápàá bí àwùjọ bá tóbi tí owó sì kéré. Ìgbà tí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni kí ẹ gbé ìgbésẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ oníṣòwò àdìrẹ yẹn, màá da ọ̀wọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ pọ̀ sí ẹyọ kan, màá sì fún un ní ₦13,000. Àwọn tó ti ráńṣẹ́ rí ni màá dá yà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ₦2,000, tí mo bá ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ láti bá wọn sọ, bíi ẹ̀dínwó fún ẹni tó béèrè iye tí kò sì rà. Nígbà náà, màá yọ orúkọ wọn kúrò nínú ọ̀wọ́ ńlá, kí méjèèjì má baà pàdé. Ọ̀wọ́ kékeré yìí lè máà kúrò nínú Learning limited láéláé, kò sì burú. Bí n kò bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún wọn, màá dà wọ́n mọ́ àwọn yòókù.

Ìyàtọ̀ tí ẹ ti ń fi ọ̀wọ́ ṣe, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é. Nínú ọ̀wọ́ ńlá yẹn, kí ìpolówó kan fi àdìrẹ ìgbéyàwó hàn, kí òmíràn fi ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ hàn, kí ẹ̀kẹta jẹ́ fídíò bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sínú aró. Obìnrin Súrùlérè á fi ojú ara rẹ̀ yan èyí tó kàn án. Kò pọn dandan kí ẹ méfò rẹ̀ fún un. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ń lo Advantage+ audience, àbá lásán ni ẹ̀rọ ka oge àti ìgbéyàwó tí ẹ kọ sí. Ó lè wá ènìyàn kọjá wọn, èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀wọ́ márùn-ún lè parí sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà.

Ìdàpọ̀ yìí á dá àsìkò ẹ̀kọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àyípadà ńlá nínú owó, nínú àwọn tí ẹ ń wá tàbí nínú àwòrán máa ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á rí i pé iye ga, wọ́n á tún yí nǹkan padà, ẹ̀kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣèdájọ́, ẹ má fi wé ọ̀wọ́ tó ṣe dáadáa jù nínú márùn-ún àtijọ́; ₦600 tí gbogbo wọn jọ ná lé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wé.

Ẹ má sì da ohun tí kò jọra pọ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ l'Ékòó tó sì tún ń ta á fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjà méjì, nítorí iye owó àti ọ̀nà ìfiránṣẹ́ yàtọ̀; ọ̀wọ́ méjèèjì kò lè pàdé ní gbàǹjo kan.

Kí ẹ tó fi owó kún ìpolówó yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ka iye ọ̀wọ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń bá yín ṣe é bá ní kí ẹ tún fi ọ̀kan sí i fún àwọn obìnrin kan náà, ní ìlú kan náà, ẹ ní kó fi òpó Delivery hàn yín ná.