350 Fáráńkì Lójúmọ́: Èló Gan-an Ni Fóònù Yìí?

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjà tí a kò ti ń rí àwọn tí ń ta fóònù àwìn mọ́. Ẹ mú owó díẹ̀ wá, ẹ gbé fóònù lọ sílé, ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. A kò lòdì sí i. Àwìn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa, fóònù sì ti di irinṣẹ́ fún ẹni tó ń gba owó oníbàárà lórí rẹ̀. Ohun tí a lòdì sí ni pé iye ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára pátákó, wọn kì í kọ àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ olùkọ́bìnrin kan ṣe àlàyé.

Ọ̀dọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Kétu. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ẹni tó ta fóònù fún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹnì kan lọ. Ó san 20,000 fáráńkì sílẹ̀, ó gbé fóònù lọ, wọ́n sì ní kí ó máa san 350 fáráńkì lójúmọ́ fún 300 ọjọ́. Ó bá a lára mu, torí pé 350 fáráńkì kò ju owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó san án tán láìjanpata.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ irú fóònù kan náà. Olùkọ́ wa bá wọ ilé ìtajà kan ní Àjàṣẹ́, ó béèrè iye rẹ̀. Wọ́n ní 65,000 fáráńkì ni, tí èèyàn bá san án lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó délé, ó kó gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ nígbàkígbà tó bá sanwó jọ, ó mú ìwé àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

350 lọ́nà 300 jẹ́ 105,000. Ẹ fi 20,000 tó san sílẹ̀ kún un, ó di 125,000 fáráńkì. Fóònù tí wọ́n ń ta ní 65,000 ni ó fi 125,000 rà. Ó fi 60,000 lé e, owó yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra fóònù mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò parí síbẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Kì í ṣe 65,000 ni wọ́n yá a. Òun fúnra rẹ̀ ti san 20,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà 45,000 péré ni gbèsè rẹ̀. Lórí 45,000 yìí ni wọ́n gba èlé 60,000. Èlé ju owó tí a yá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò di 45,000 náà mú fún oṣù mẹ́wàá, nítorí láti ọjọ́ kejì ló ti ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí àwọn báńkì ti ń ṣírò èlé ọdún, ó lé ní 240 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ni kí a fi wé e? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Báńkì Àgbà tí à ń pè ní BCEAO ti ń ṣàkóso owó sẹfà, wọ́n ti fi ààlà lé èlé. Láti ọdún 2014, báńkì kò gbọdọ̀ kọjá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó kéékèèké kò sì gbọdọ̀ kọjá 24. Ká ní olùkọ́ yìí yá 45,000 ní irú ilé ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ní 24 yẹn gan-an, tó sì fi oṣù mẹ́wàá san án, nǹkan bí 5,000 ni ì bá máa san lóṣù. Èlé gbogbo rẹ̀ kò ní ju bíi 5,100 lọ, láìka owó ìwé. Ẹ wo 5,100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 60,000.

Kí ló dé tí olùkọ́, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò fi tètè rí i? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ká ní wọ́n sọ fún un pé 125,000 ni fóònù náà, ì bá sá. Ṣùgbọ́n 350 ni wọ́n fi hàn án, 350 kì í sì í dẹ́rù bani. Ẹnikẹ́ni kò parọ́ fún un. Wọ́n kàn fi iṣẹ́ ìṣirò náà sílẹ̀ fún un ni, wọn kò sì sọ fún un pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni títì. Ètò kan wà nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀ tí ń tì í bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá. Kò ní ṣí títí owó yóò fi wọlé, béèyàn bá sì ní òun yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ètò náà lè kúrò, kò ní kúrò. Oṣooṣù ni olùkọ́ ń gba owó, ojoojúmọ́ sì ni fóònù ń béèrè. Nígbà tí owó oṣù pẹ́, fóònù rẹ̀ tì fún ọjọ́ mẹ́fà. Oníṣòwò tó ń gba owó lórí fóònù yóò mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́fà lè bà jẹ́.

Àwọn tí ń tà á náà ní àwíjàre. Àwọn kan ń gbé fóònù sá lọ, owó ẹni tó bá san ni wọ́n sì fi ń dí ihò ẹni tí kò san. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó nílò fóònù lónìí fún òwò tó ń mówó wọlé lè jèrè lórí rẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ iye tí òun ń san kó tó yàn án.

Olùkọ́ yìí kò kánjú. 20,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó ń fún alájọ ní 350 lójúmọ́, tí alájọ ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù, 10,500 ni ì bá máa kó lóṣù tó ní ọjọ́ 31. Ní òpin oṣù karùn-ún, owó náà ì bá ti lé ní 50,000, pẹ̀lú 20,000 rẹ̀. Ì bá ra fóònù náà, owó tó lé ní 5,000 ì bá sì kù sí i lọ́wọ́, dípò kí ó máa san owó fún oṣù márùn-ún mìíràn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á kò pọ̀: níbi tí ẹ bá ti kọ iye ti ọjọ́ kan, ẹ kọ iye tó jẹ́ béèyàn bá san án lẹ́ẹ̀kan àti àpapọ̀ ohun tí olùrà yóò san, kí wọ́n tóbi bákan náà, kí ẹ sì sọ ọ́ ní èdè tí olùrà gbọ́. Títí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olùrà, ẹ fi ẹnu yín béèrè. Èló ni, bí mo bá san án lónìí? Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ títí tí màá fi san tán? Bí mo bá tètè rí owó san ìyókù, ṣé ẹ ó dín in kù? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ níwájú yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.