Àtúnṣe náà ní owó tirẹ̀

Àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ìlaròó tẹ pírójẹ́ẹ̀tì máa ń ka wákàtí ìtẹ̀wé nìkan. Ìdí nìyẹn tí èrè wọn kì í fi í tó nǹkan.

Ká ní ojú ìwé 60 ni iṣẹ́ náà, tí ẹ ń tẹ 6 ní wákàtí kan. Wákàtí 10 nìyẹn. Bí wákàtí kan bá jẹ́ N1,000, ẹ ó pe N10,000. Ṣùgbọ́n ìpè fóònù àti wíwá epo jẹnẹrétọ̀ yóò gba wákàtí 2. Bí olùkọ́ bá dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, àtúnṣe yóò gba 4. Wákàtí 16 ni gbogbo rẹ̀, N625 péré sì lẹ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N16,000 ló yẹ kí ẹ pè. Kí ẹ sì sọ ṣáájú pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀.